Ìwé tí mo kọ fún ẹni tó máa gba ẹ̀píáì ẹ̀ka wa

Ẹ̀ka wa ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó wà lórí sáfà kékeré kan. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀. Fún púpọ̀ nínú wọn, a tún lè gbọ́ ohùn ẹni tó pe ọ̀rọ̀ náà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ bá fẹ́ lo àkójọ yìí, kì í ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé. Kóòdù rẹ̀ ló máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, tí yóò béèrè ohun tó fẹ́, tí yóò sì gba èsì. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni à ń pè ní ẹ̀píáì. Ti inú ilé ni tiwa: akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ẹ̀ka nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ẹnu ọ̀nà yìí. Mo ń jáde lọ́dún yìí, àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kẹta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ ìwé ìfàlénilọ́wọ́ fún un, ojú ìwé mẹ́rin péré. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yin tó ń lo àkójọ náà, títí kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tí kọ́kọ́rọ́ yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń rí nọ́ńbà bíi 401 àti 429 lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó sì pè mí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn lẹ máa pè.

Ìwé tí wọ́n fi lé èmi lọ́wọ́ kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó to àwọn nọ́ńbà àṣìṣe sílẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níwájú 401, ohun tó wà níbẹ̀ ni “kọ́kọ́rọ́ kò dára.” Gbólóhùn yẹn ló dá wàhálà tí mo máa ròyìn nísàlẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mìíràn ni mo fi ṣe òpó ìwé tèmi: tí nọ́ńbà yìí bá jáde, ta ló yẹ kó ṣe nǹkan, kí ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wò?

Bí sáfà ṣe ń mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn

Nǹkan méjì la máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ lo àkójọ náà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ kọ́kọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni lè rí. Èkejì ni àṣírí, tí òun àti sáfà nìkan mọ̀. Àṣírí náà kì í rin ojú ọ̀nà rárá. Kóòdù yóò kó ohun mẹ́ta jọ, ìyẹn irú ìbéèrè, ojú ọ̀nà tó ń béèrè, àti àkókò, yóò sì fi àṣírí buwọ́ lù wọ́n pẹ̀lú ìṣirò tó ń jẹ́ `HMAC-SHA256`. Ìbuwọ́lù yẹn ló máa bá ìbéèrè lọ. Bí ìbéèrè kan ṣe máa ń rí nìyí:

```
GET /v1/oro?q=ata
X-Key: ede-07
X-Time: 1718010000
X-Sign: (ìbuwọ́lù)
```

Àṣírí kan náà wà lọ́wọ́ sáfà. Yóò ṣe ìṣirò kan náà, yóò sì fi èyí tó ṣe wé èyí tó wọlé. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó mọ̀ pé ẹni tó ní àṣírí ló kọ ìbéèrè náà, àti pé kò sẹ́ni tó yí i padà lójú ọ̀nà. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n buwọ́ lù, ìbuwọ́lù méjèèjì kò ní jọra rárá. Kò sí pé ó kù díẹ̀ kó bá a mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú.

Nọ́ńbà gígùn tó wà níwájú `X-Time` ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Tí àkókò yẹn bá fi ju ìṣẹ́jú àáyá 300 lọ yàtọ̀ sí ti sáfà, yálà síwájú tàbí sẹ́yìn, sáfà yóò kọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá jí ìbéèrè tó ti kọjá gbé, kò ní lè tún un fi ránṣẹ́ lọ́la. Àmọ́ òfin yìí máa ń mú aláìṣẹ̀ náà. Tí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago rẹ̀ máa ń padà sí ọdún tó ti pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ pé, kóòdù pé, síbẹ̀ kò ní wọlé.

Ìdí nìyí tí 401 kan ṣoṣo kò fi tó. Lábẹ́ rẹ̀, sáfà wa máa ń kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú èsì: `time_skew`, `key_revoked` tàbí `bad_signature`. Tó bá jẹ́ `time_skew`, ẹni tó ń béèrè ló máa tún aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ `key_revoked`, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀píáì ló ti gba kọ́kọ́rọ́ náà padà, òun náà ló lè fúnni ní òmíràn. Tó bá jẹ́ `bad_signature`, ìbuwọ́lù méjèèjì kò bára mu, ó sì di dandan láti wá ìdí rẹ̀.

Ẹni tó ṣi orúkọ kọ́kọ́rọ́ kọ yóò rí `bad_signature` náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí rárá. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Tí sáfà bá ń sọ pé “orúkọ yìí kò sí,” ẹni tó ń wá ọ̀nà wọlé yóò máa dán orúkọ wò títí yóò fi mọ èyí tó wà. Nítorí náà, orúkọ kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wọlé, èkejì kò wọlé

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí fònẹ́tíìkì. Ó fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè sọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Kóòdù rẹ̀ ń ka orúkọ fáìlì, ó sì ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀píáì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gba 401. Ìwé àtijọ́ sọ pé kọ́kọ́rọ́ kò dára, nítorí náà wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kò yí padà. Wọ́n fún un ní òmíràn, wọ́n tún fún un ní ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní kó fi àwọn ọ̀rọ̀ tó wọlé ránṣẹ́ sí mi. *Ata*, *igi* àti *ara* wà nínú wọn. *Ọkọ̀*, *ilé*, *ajá* àti *ẹsẹ̀* kò wọlé. Kọ́kọ́rọ́ tí kò dára kò ní gba *ata* wọlé kó wá kọ *ọkọ̀*, nítorí náà ẹ̀sùn kúrò lórí kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ti rí ohun tó kù. Ohùn àárín ni gbogbo àwọn tó wọlé, a kì í sì í fi àmì sórí ohùn àárín. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn pẹ̀lú. Àmì ló ń dá àwọn tó kù dúró.

Ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì. Yúníkóòdù ní nọ́ńbà kan fún ọ lódindi, ó sì tún gbà kí a kọ o lọ́tọ̀ kí àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìlànà tó ń so wọ́n pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe ń jẹ́ `NFC`. Èyí tó ń tú gbogbo wọn palẹ̀ ń jẹ́ `NFD`. Tí *ọkọ̀* bá ń kọjá lọ sí sáfà, bí méjèèjì ṣe máa ń rí nìyí:

```
NFC: %E1%BB%8Dk%E1%BB%8D%CC%80
NFD: o%CC%A3ko%CC%A3%CC%80
```

Lójú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ kejì dá dúró nínú méjèèjì, nítorí Yúníkóòdù kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ méjèèjì. Báìtì mẹ́sàn-án ni ti òkè, mẹ́sàn-án náà ni ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ka gígùn wọn nìkan kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà Máàkì àtijọ́ tó ń fi ètò `HFS+` tọ́jú fáìlì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò, ètò yẹn sì máa ń tú àmì orúkọ fáìlì palẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tẹ *ọkọ̀* bó ṣe yẹ, Máàkì tú u, kóòdù rẹ̀ sì buwọ́ lu èyí tí wọ́n tú.

Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kò yẹ kó fa àṣìṣe, nítorí ohun tó buwọ́ lù gan-an ló fi ránṣẹ́. Inú sáfà ni àléébù wà. `NFC` ni àkójọ ọ̀rọ̀ wa fi tọ́jú ohun gbogbo, nítorí náà sáfà máa ń yí ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sí `NFC` kó lè wá a rí. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ kóòdù náà kó yí ọ̀rọ̀ padà ṣáájú kó tó yẹ ìbuwọ́lù wò. Akẹ́kọ̀ọ́ buwọ́ lu báìtì kan, sáfà yẹ báìtì mìíràn wò, ó sì pè é ní ayédèrú. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pípààrọ̀ ipò ìlà méjì lọ:

```
check_sign(raw_path)
q = unicodedata.normalize("NFC", q)
```

Ohun tí mo kọ fún àbúrò wa nípa rẹ̀ nìyí: “Yẹ ìbuwọ́lù wò lórí báìtì tó wọlé gẹ́lẹ́, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Má ṣe jẹ́ kí ìlà méjèèjì yìí pààrọ̀ ipò, bó ti wù kí ó dùn ún wò tó.” Mo sì fi ìdánwò kan sílẹ̀ tó ń fi *ọkọ̀* ránṣẹ́ lọ́nà méjèèjì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ gba 200 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Tí ẹnikẹ́ni bá tún yí ètò náà padà, ìdánwò yẹn ni yóò kọ́kọ́ pariwo.

Ibì kan wà tí `NFC` kò lè dé. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré olóòró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto. Nọ́ńbà `U+0329` ni ìlà yẹn, `U+0323` sì ni àmì roboto. Lójú Yúníkóòdù, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sí ìlànà tó máa sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìbéèrè tó bá ní ìlà nísàlẹ̀ yóò wọlé dáadáa, yóò gba 200, àmọ́ òfìfo ni èsì rẹ̀ yóò jẹ́. Ẹni tó bá rí òfìfo fún ọ̀rọ̀ tó dá a lójú pé ó wà, kó wo abẹ́ lẹ́tà rẹ̀.

Nọ́ńbà tí a kò gbọ́dọ̀ tún ṣe

Ọ̀pọ̀ máa ń ka 401 àti 403 sí ọ̀kan. 401 ń sọ pé “Mi ò mọ̀ ọ́.” 403 ń sọ pé “Mo mọ̀ ọ́ dáadáa, àmọ́ o ò ní àṣẹ sí èyí.” Ní ẹ̀ka wa, ohùn àwọn èèyàn ni 403 ń ṣọ́. Kí a tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, a máa ń béèrè ibi tó fẹ́ kó dé. Àwọn kan fọwọ́ sí i pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lò ó. Àwọn mìíràn ní inú kíláàsì nìkan, lábẹ́ ojú olùkọ́. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn la kọ sínú àkójọ, 403 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `consent` sì ni ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn náà.

Ibi tí mo ń bẹ̀rù fún ẹni tuntun nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan máa wá bá a, ọ̀sẹ̀ kan ló kù kó fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sílẹ̀, ohùn mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì sí i ń gba 403. Lójú ẹni tó ń kọ kóòdù, ó máa jọ àléébù. Yíyí ìlà kan padà máa ṣí gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà mo kọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ pé 403 kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀píáì rárá. Olùkọ́ tó ni ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ló lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ kó béèrè àṣẹ tuntun. Tí ẹni náà bá ti kú, ohun tó fọwọ́ sí nígbà ayé rẹ̀ ló dúró.

Nípa 500, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Tiwa ni, kì í ṣe ti ẹni tó béèrè. Èsì rẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `req-`. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí òun la máa fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ sáfà. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà náà kò sí nínú rẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́.

Garawa ìbéèrè

Sáfà wa kò lágbára púpọ̀, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Ẹ wò ó bíi garawa tó gba ife omi 20, tí ẹ̀rọ ń bù ife kan sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń mu ife kan. Tí garawa bá kún, omi tó ń wọlé kò ní lékún sí i. Tó bá gbẹ, ìbéèrè tó bá dé yóò gba 429, nọ́ńbà tó wọnú ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2012, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó dúró:

```
HTTP/1.1 429 Too Many Requests
Retry-After: 4
```

Ìṣirò yìí ń jẹ́ kí ẹ mọ iye àkókò tí iṣẹ́ yín máa gbà. Ká ní ọ̀rọ̀ 1,200 lẹ fẹ́ béèrè. Garawa tó kún yóò fún yín ní 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku 1,180, ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Kò sí kóòdù tó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ lọ jẹun.

Ibi tó ti máa ń dà rú ni kíláàsì. Èèyàn 20 ń lo kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, olùkọ́ ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún márùn-ún, gbogbo wọn sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè 100 dé sórí garawa tó ní 20. Ọgọ́rin gba 429, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn dúró fún àkókò kan náà. Wọ́n dúró, gbogbo wọn padà dé lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ wọlé, a tún lé ìyókù. Ó máa jọ pé sáfà ti kú, bẹ́ẹ̀ ni kò kú. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí kóòdù kọ̀ọ̀kan fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn mu kún iye tí `Retry-After` sọ.

Ohun kan wà tí ẹni tuntun kò lè fojú rí. Inú mẹ́mórì kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni garawa wà, kò sí nínú fáìlì kankan. Tí a bá tún sáfà tan, gbogbo garawa ti kún padà. Tí àbúrò wa bá yí `workers = 1` sí 2 kí iṣẹ́ lè yá, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní garawa tirẹ̀, ìwọ̀n yóò sì di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan nọ́ńbà ìwọ̀n rárá. Àmì rẹ̀ ni pé ẹnì kan yóò parí ọ̀rọ̀ 1,200 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú gbogbo èèyàn yóò dùn, títí sáfà yóò fi ṣubú.

Ìgbà tí ìfàlélọ́wọ́ parí

Kò sí àṣírí kankan nínú ìwé tí mo kọ. Ibi tí wọ́n wà àti ẹni tó lè ṣí ibẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí ìwé máa ń rìn, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Tí a bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan, a máa ń jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 14, kí iṣẹ́ rẹ̀ má bàa dá dúró lójijì.

Iṣẹ́ tó wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn kì í ṣe tèmi. Àbúrò wa ló máa ṣe é nígbà tó bá ti ka gbogbo rẹ̀, tó sì ti dáhùn ìpè méjì tàbí mẹ́ta láìbi mí. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ tèmi padà. Lẹ́yìn náà, èmi yóò béèrè *ata* láti ilé. Tí mo bá rí 401 pẹ̀lú `key_revoked`, iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Tí mo bá rí 200, ó ṣì ku nǹkan kan tí a kò tíì ṣe.